Kí ni kí n kọ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ gíráfíìkì tó fẹ́ ṣe èèpo ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi?

Àjọkẹ́ Akọ̀wé (Àpáta, Ìbàdàn)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ti parí ìtàn tí mo ń kọ láti ọdún tó kọjá. Àkọlé rẹ̀ ni *Ọ̀rọ̀ Kù Lẹ́nu Òkú*. Ìbàdàn níbí ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: wọ́n bá aránṣọ kan lókùú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbági, ọlọ́pàá obìnrin kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì ló sì ń wá ẹni tó pa á. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé e sórí Amazon fún àwọn tó ń kàwé lórí fóònù, lẹ́yìn náà ni màá wá tẹ ẹ̀dà díẹ̀ tí a ó máa tà nílé.

Mo ti bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣe gíráfíìkì sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ ránṣẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé, ẹ bá mi wò ó:

"Mo fẹ́ èèpo ìwé tó dùn-ún wò, tó máa fa ojú mọ́ra. Kí Ilé Kòkó wà lẹ́yìn. Kí takisí Máíkírà wà lójú títì. Kí ọlọ́pàá obìnrin dúró níwájú, kó di ìbọn mú. Kí òkú aránṣọ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ àǹkárá. Kí àkọlé tóbi. Kí orúkọ mi náà tóbi. Lo ọgbọ́n orí rẹ fún ìyókù."

Ọmọ Agbowó

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn fi kún un pé kó ṣe é ní 300 dpi. Bó bá ti jẹ́ 300, bí wọ́n ṣe wù kí wọ́n sún un kéré tó, yóò hàn kedere. 72 tí àwọn kan ń lò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Tàfá Òǹtàwé (Dùgbẹ̀)

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé Yorùbá ni mò ń tà, mo mọ ohun tí àwọn oníbàárà máa ń nawọ́ sí. Àwòrán tí ẹ kọ yìí kò burú. Èèpo ìwé ìtàn Yorùbá tí a bá láyé, ẹni tó mọ àwòrán yà ló máa ń fi ọwọ́ ya ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn síwájú rẹ̀: ọba lórí ìtẹ́, olè tí wọ́n dè mọ́gi, ìyàwó tó ń sunkún. Ẹni tó bá rí i á ti mọ̀ pé ìtàn wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí màá sọ ni pé kí ẹ yọ gbogbo àmì orí àkọlé yẹn kúrò. Ó pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí kò ní lè kà á láìsí àmì.

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Àǹtí Àjọkẹ́, iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Bí ẹ bá fi ohun tí ẹ kọ yìí ránṣẹ́ sí mi, màá ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, màá gba owó mi, ìwé náà kò sì ní tà.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò mi ti Agbowó lóhùn. 300 dpi kì í ṣe irọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé ni. Ó ń sọ iye àmì kíkùn tí yóò wà nínú íǹṣì kan lórí bébà. Fóònù kò ní íǹṣì tó ń wò, iye píkísẹ́lì ló mọ̀. Ohun tí Amazon KDP ní òun fẹ́ fún èèpo ìwé orí fóònù ni píkísẹ́lì 2,560 ní gíga àti 1,600 ní fífẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ kọ fún un. Bí ó ti wù kó mọ́ tó ní ìwọ̀n ńlá yẹn, kò sọ pé yóò ṣeé kà bó bá kéré, nítorí pé ohun tó bá há ṣì há náà ni.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ fi 16 pín 1,600, ó di 100. Ẹ fi 16 pín 2,560, ó di 160. Píkísẹ́lì 100 sí 160 yẹn kò jìnnà sí bí ìwé yín yóò ṣe rí nígbà tí ẹnì kan bá ń fi àtàǹpàkò yí ojú fóònù rẹ̀ sókè, tí ìwé mìíràn sì yí i ká. Ẹ wá fi ojú inú to ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Ilé Kòkó alájà 26 yóò di igi ìṣáná. Máíkírà yóò di àbàwọ́n kan. Ojú ọlọ́pàá yóò kéré ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní hàn. Ẹ̀jẹ̀ lára àǹkárá? Àǹkárá fúnra rẹ̀ ti ní pupa lára. Ibi tó kù fún àkọlé kò ní ju ìlà tínínrín kan lókè lọ.

Ohun tó wá jẹ́ àléébù gan-an ni pé ẹ ò sọ irú ìwé tó jẹ́ fún un. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ò ní rí "ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" níbì kankan. Ọ̀tọ̀ ni bí ìtàn ìfẹ́ ṣe ń múra jáde, ọ̀tọ̀ ni ti ìwé àwọn oníwàásù. Ẹni tó ń wá ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti mọ aṣọ rẹ̀ kó tó ka lẹ́tà kankan: ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wá, àwọ̀ gbígbóná kan péré bíi pupa tàbí ìyeyè, lẹ́tà tó nípọn tó dúró ṣánṣán láìní iṣẹ́ ọnà lára, àti ohun kan ṣoṣo láàárín. Bó bá jẹ́ èèyàn ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la sábà máa ń rí, a kì í sáàbà rí ojú. Bí oníṣẹ́ yín bá lo lẹ́tà tó ń lọ́ bí ìtàkùn, wọ́n á rò pé ìtàn ìfẹ́ ni. Bó bá fi wúrà kọ ọ́ sórí àwọ̀ aró, tó fi fọ́tò yín sábẹ́, ẹ ti di pásítọ̀ nìyẹn.

Torí náà ìbéèrè mi rèé: kí ni ohun kan, ohun tí a lè fọwọ́ mú, tó wà nínú ìtàn yín tí kò sí nínú ti ẹlòmíràn?

Àjọkẹ́ Akọ̀wé

Hẹ̀n. Ẹ ṣeun, bùrọ̀dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ta mí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àlùmọ́gàjí. Ẹni tó pa aránṣọ náà fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ṣí sílẹ̀, wọ́n sì so òwú pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òwú yẹn ni ọlọ́pàá tọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni náà.

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Ẹ ti rí èèpo ìwé yín.

Àjọkẹ́ Akọ̀wé

Mo dán an wò fúnra mi kí n lè rí i lójú. Mo so òwú pupa mọ́ àlùmọ́gàjí mi, mo gbé e lé àǹkárá kan lórí bẹ́ẹ̀dì, mo yà á ní fọ́tò lójú fèrèsé, mo sì fi lẹ́tà funfun kọ àkọlé sí i lórí fóònù. Mo ti fi sísàlẹ̀ yìí. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ kàn wo èrò náà.

Bùnmi Aránṣọ (Ṣángo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èló ni ìwé yìí? Ṣé ó ní bí wọ́n ṣe ń gé búbá àti bí wọ́n ṣe ń wọn ìró inú rẹ̀? Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta tí mo lè ra fún. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ so òwú mọ́ àlùmọ́gàjí, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó máa ń bọ́ sẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ Agbowó

😂😂 Àǹtí Bùnmi, ìtàn apààyàn ni o!

Bùnmi Aránṣọ

Ah. Ẹ má bínú. Aṣọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀, ó ń dán, ó sì mọ́lẹ̀. Àkọlé yẹn náà, mi ò rí i kà, òdòdó ara àǹkárá ti jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Àǹtí Bùnmi, ẹ ṣeun gan-an, ẹ má tọrọ àforíjì. Ìdánwò tí àwọn oníwèé kì í ṣe nìyí. Ṣe ni wọ́n máa ń fi èèpo han ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á ní "ṣé ó dára?" Ta ni yóò sọ pé kò dára? Ẹni tí kò mọ nǹkankan nípa ìtàn náà ló yẹ kí ẹ fi hàn, ẹ fi hàn án ní kékeré, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá, ẹ wá bi í pé irú ìwé wo ni.

Àlùmọ́gàjí náà kò ṣẹ̀. Àlùmọ́gàjí lórí ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ aláràbarà, ìwé iṣẹ́ ìránṣọ ni lójú gbogbo èèyàn. Ẹ gbé àlùmọ́gàjí kan náà sórí aṣọ dúdú tí kò ní òdòdó, ẹ pa iná yàrá, kí ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ti apá òsì wá kó kan etí irin rẹ̀, kí òwú pupa jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo tó wà lójú ewé náà, ìtàn mìíràn ló di yẹn. Àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti lẹ́tà ló ń sọ irú ìwé, ju ohun tí a yà lọ.

Ti àǹkárá yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé yín pé kò gbọ́dọ̀ sí àràbarà lábẹ́ lẹ́tà. Mo mọ̀ pé Gbági ni, mo mọ̀ pé aṣọ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí a bá ti sún un di kékeré, òdòdó ara aṣọ àti igun lẹ́tà á máa bá ara wọn jà, ojú kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ lẹ́tà. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ dandan, kí ó yọ ní etí ìsàlẹ̀ ewé nìkan, níbi tí kò sí ọ̀rọ̀, kó sì ṣókùnkùn.

Ohun mìíràn tí ẹ lè ṣe lóru òní: ẹ wọ Amazon lórí fóònù, ẹ wá àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ ya ojú fóònù yẹn bó ṣe wà, gbogbo èèpo tó tò síbẹ̀ pọ̀. Ti Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àárín ti Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé yín yóò jókòó sí. Ẹ fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ náà pé "àárín àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ dúró sí". Bí ẹ bá mú mẹ́ta jáde nínú wọn, ẹ sọ ohun tó wù yín lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí lẹ́tà ti èyí ṣe nípọn, bí ilẹ̀ ti ìyẹn ṣe ṣókùnkùn. Ẹ má sọ pé "ṣe bí èyí". Bó bá ṣe bí èyí gẹ́lẹ́, iṣẹ́ olóníṣẹ́ ni ẹ gbà.

Màmá Ìwé Ọmọdé (Bódìjà)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olóníṣẹ́ yẹn. Ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ, kò jọ tiyín, àmọ́ ọ̀kan náà ni ọgbẹ́. Oníṣẹ́ kan tí mo gbé iṣẹ́ fún mú àwòrán ọmọdébìnrin tó ń rẹ́rìn-ín wá, ó dára débi pé mo sunkún. Ìwé ti jáde kí ẹnì kan tó fi ìpolówó ọṣẹ hàn mí, ọmọ yẹn ló wà níbẹ̀. Mo pe oníṣẹ́ náà, ó ní orí Google lòun ti rí i. Mo ní kí ló jọ bẹ́ẹ̀, ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mo kó gbogbo ẹ̀dà tó kù nílẹ̀.

Torí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn kí owó tó jáde: gbogbo àwòrán tó bá lò, kó kọ ibi tó ti mú un àti irú àṣẹ tó fi mú un. Gbogbo fọ́ǹtì náà bẹ́ẹ̀.

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un: bó bá tilẹ̀ ra àwòrán náà lọ́nà ẹ̀tọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta àwòrán, ẹlòmíràn lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á pẹ̀lú, àyàfi tí ẹ bá ra ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n má tà á mọ́. Ọ̀pọ̀ oníwèé kò mọ èyí títí wọ́n fi rí ojú obìnrin èèpo wọn lórí ìwé ẹlòmíràn. Ti Àǹtí Àjọkẹ́ rọrùn. Àlùmọ́gàjí yín, òwú yín, fóònù tó bá ya fọ́tò dáadáa tàbí ayàfọ́tò àdúgbò, tiyín ni. Ẹ tilẹ̀ lè ní kí oníṣẹ́ náà wá yà á fúnra rẹ̀.

Olóyè Tíṣà

Ẹ kú ìjókòó. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dá Ọ̀gbẹ́ni Tàfá lóhùn lórí àmì, ẹ ò dá a lóhùn. Ẹni tó kọ ìwé lédè Yorùbá, tó wá bọ́ àmì kúrò lára àkọlé, kí ló ń kọ́ àwọn ọmọ? Kí àmì ohùn wà níbẹ̀, kí àmì abẹ́ lẹ́tà wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, àmọ́ mo ti rí èèpo ìwé tí àmì rẹ̀ ṣí kúrò lórí fáwẹ̀lì, tó lọ jókòó lórí kọ́ńsónáǹtì. Ó burú ju kó má sí lọ.

Tàfá Òǹtàwé

Bàbá, mo gba ìbáwí yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rajà kò dúró ka àmì.

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ohun tí ẹ rí yẹn ní ìdí, ó sì yẹ kí Àǹtí Àjọkẹ́ mọ̀ ọ́n, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ jù fún àwa tí à ń kọ Yorùbá.

Lẹ́tà bíi É àti Ò wà gẹ́gẹ́ bí odidi nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́ǹtì, torí àwọn èdè Yúróòpù náà ń lò wọ́n. Ọ̀ kò sí bẹ́ẹ̀, Ẹ́ náà kò sí. Ọ àti àmì orí rẹ̀ jẹ́ ohun méjì tí kọ̀ǹpútà ń tò léra, fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Àwọn fọ́ǹtì tó nípọn tó rẹwà tí oníṣẹ́ ń fà wálẹ̀ fún ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ óò rí ni àmì tó ṣí sápá ọ̀tún, tàbí àpótí ṣófo, tàbí kí ètò kọ̀ǹpútà fi fọ́ǹtì mìíràn rọ́pò lẹ́tà yẹn nìkan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí Ọ kan tínínrín láàárín àwọn lẹ́tà tó nípọn. Ẹni tí kì í ka Yorùbá kò ní rí i pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Torí náà, kó tó ya ohunkóhun, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i bí ọ̀rọ̀ tó lè dà kọ, ẹ má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò:

```
Ọ̀RỌ̀ KÙ LẸ́NU ÒKÚ
Ọ̀ Ọ́ Ẹ̀ Ẹ́ Ṣ Ǹ Ń
```

Kó kọ ọ́ pẹ̀lú fọ́ǹtì tó fẹ́ lò, kó fi ojú rẹ̀ hàn yín. Bí Ọ̀ bá wó, kó wá òmíràn. Noto Sans mọ Yorùbá, ó ní èyí tó nípọn tó sì há díẹ̀, ó yẹ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀fẹ́ ni fún títà pẹ̀lú. Bí ọkàn rẹ̀ bá wà lórí fọ́ǹtì tirẹ̀, ó lè sọ àkọlé di àwòrán kó fi ọwọ́ ya àmì sí i, àmọ́ kí àmì náà nípọn bí igi lẹ́tà, kí ẹ̀yin sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kejì ni àlàfo. Èèpo ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń to lẹ́tà ńlá léra ní ìlà mẹ́ta láìsí àyè láàárín. Tiwa kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí Ọ̀RỌ̀ KÙ, LẸ́NU, ÒKÚ, àmì abẹ́ Ọ ìlà kìíní yóò lọ gún àmì orí Ẹ́ ìlà kejì. Kó fi àyè sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ìgbà tó bá ti to gbogbo rẹ̀ tán ni yóò máa ti lẹ́tà sókè sódò.

Ní ti bóyá àmì yóò hàn ní kékeré: Ọ̀gbẹ́ni Tàfá kò jẹ̀bi tán. Ní píkísẹ́lì 100, àmì abẹ́ lẹ́tà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ti òkè lè hàn bó bá nípọn. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo máa ń fi wọ́n síbẹ̀, mo sì máa ń mú wọn sanra díẹ̀ ju bí fọ́ǹtì ṣe fún wọn lọ. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn tí mo mọ̀, tí wọ́n mọ iṣẹ́, kì í fi ti òkè sí i rárá. Ẹ̀yin lẹ óò yàn.

Olóyè Tíṣà

Mo ti yàn fún un.

Ṣọlá Mókọ́lá

Ẹ káàárọ̀ o. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti lè tẹ ìwé ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà kíákíá? Ojú ewé 212. Mo ti ní èèpo, iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Àbúrò, ìyẹn kọ́ la ń sọ níbí, àmọ́ ẹ dúró ná. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ ṣe parí nígbà tí ẹ kò tíì mọ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́? Bébà ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ ìwé ṣe máa nípọn. Lórí Amazon, bébà aláwọ̀ mílíìkì, ojú ewé kan gba 0.0025 íǹṣì, nítorí náà 212 yóò jẹ́ 0.53 íǹṣì. Bébà atẹ̀wé tiyín lè nípọn jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó tínínrín. Ẹ gba ìwọ̀n lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá dá èèpo padà fún oníṣẹ́ yín. Àǹtí Àjọkẹ́, tiyín náà nìyẹn: iwájú nìkan ni kí ó ṣe báyìí, ẹ jọ ṣe àdéhùn iye ti ẹ̀dà títẹ̀ sílẹ̀, kó sì dúró títí ojú ewé yóò fi pé. Kó sì fi èyí tí a lè tún ṣe pamọ́ fún yín, kì í ṣe JPEG nìkan. Bó bá lọ ilẹ̀ òkèèrè lọ́la, ibo lẹ fẹ́ rí i?

Àjọkẹ́ Akọ̀wé

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti tún un kọ. Ẹ wò ó:

"Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, fún àgbàlagbà tó ń ka Yorùbá lórí fóònù. Kì í ṣe ìtàn ìfẹ́, kì í ṣe ìwé iṣẹ́ ìránṣọ. Ọlọ́pàá obìnrin kan ń wá ẹni tó pa aránṣọ kan ní Gbági, òwú pupa tí wọ́n so mọ́ àlùmọ́gàjí ló sì ń tọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lójú ewé: àlùmọ́gàjí tó ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa, lórí aṣọ dúdú, ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bó o bá ní èrò tó sàn jù, fi han mí, àmọ́ kó jẹ́ ohun kan ṣoṣo náà. Mi ò fẹ́ ìbọn, mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń kán, mi ò fẹ́ fọ́tò mi, mi ò fẹ́ àǹkárá lábẹ́ lẹ́tà. Ilé Kòkó kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àkọlé rèé gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: Ọ̀RỌ̀ KÙ LẸ́NU ÒKÚ. Dà á kọ, má tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ. Kọ́kọ́ fi fọ́ǹtì tó o fẹ́ lò han mí lórí ìlà àmì yìí: Ọ̀ Ọ́ Ẹ̀ Ẹ́ Ṣ Ǹ Ń. Kí àkọlé gba bí ìdá mẹ́ta ojú ewé, kí orúkọ mi kéré sí i.

2,560 sí 1,600. Nígbà tó o bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, fi èyí tó wà ní 160 sí 100 kún un, kí o sì fi í sáàárín àwòrán ojú fóònù tí mo so mọ́ èyí. Fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì kí Wáàsáàpù má bàa fún un pọ̀. Èrò méjì tí a kàn fi lápìísì ya ni mo fẹ́ rí ṣáájú, màá mú ọ̀kan, àtúnṣe méjì lẹ́yìn ìyẹn. Kọ ibi tó o ti mú gbogbo àwòrán àti fọ́ǹtì. Ìdajì owó ṣáájú, ìdajì nígbà tó o bá fi èyí tí a lè tún ṣe lé mi lọ́wọ́."

Bùnmi Aránṣọ

Ẹ so òwú náà mọ́ ojú ihò ìka o, kì í ṣe mọ́ ẹnu. Aránṣọ tó bá rí i lẹ́nu á mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò rán aṣọ rí.

Ọmọ Agbowó

"Ìdá mẹ́ta" ni àbí "ìdá kan nínú mẹ́ta"? Ẹ tún un ṣe kó má lọ kún gbogbo ojú ewé 😂

Àjọkẹ́ Akọ̀wé

Ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo ti tún un ṣe. Àǹtí Bùnmi, ojú ihò ìka ni.

Tàfá Òǹtàwé

Ó dára fún fóònù, mi ò jiyàn. Àmọ́ mo ń sọ ọ́ kí ẹ má sọ pé n kò wí: ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ mi fẹ́ rí èèyàn lára ìwé ìtàn Yorùbá. Bí ẹ bá gbé àlùmọ́gàjí nínú òkùnkùn síwájú ìyá àgbà kan ní Dùgbẹ̀, á bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí i. Bí àwọn ilé-ìwé bá tún fẹ́ rà á ńkọ́?

Ayàwòrán Òkè-Àdó

Ó ṣeé ṣe kí Ọ̀gbẹ́ni Tàfá mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jù mí lọ, ojú fóònù ni mo mọ̀. Àwọn kan máa ń ṣe èèpo méjì, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan tí a fi ọwọ́ yà fún ẹ̀dà títẹ̀. Bí ẹ bá ń rò ó, Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ sọ fún ọmọ náà báyìí kó tó dá yín lóhùn iye owó. Ẹni tó ń ya àwòrán lọ́wọ́ lè máà jẹ́ òun.